PNG tàbí JPEG: èwo ni kí ẹ fi tọ́jú sikirinṣọ́ọ̀tì?

Ọmọbìnrin kan gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òpópónà Ọba Adésídà, nílùú Àkúrẹ́, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Ìlú Oǹdó ló ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lórí bí àwọn tó ń ra kòkó ṣe lè máa fi Excel kọ àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n rà, iye tí wọ́n san, àti oko tí kòkó náà ti wá. Sikirinṣọ́ọ̀tì 24 ló wà nínú iṣẹ́ náà. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ti dá a padà pé òun kò rí nọ́ńbà inú tábìlì kà. Pọ́tàlì tí wọ́n ní kó gbé e sí náà tún kọ̀ ọ́, nítorí pé fáìlì Word rẹ̀ ju 4 MB lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ti yí gbogbo ẹ̀ sí JPEG o," ló wí kí n tó béèrè ohunkóhun. "Wọ́n ní òun ló fúyẹ́."

"Àbúrò, ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn náà ni."

Gbogbo èèyàn kò purọ́, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún un. JPEG fúyẹ́ bó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́ tọ́jú. Bí ojú ẹ̀rọ bá kún fún lẹ́tà, ìlà tábìlì àti àwọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, PNG ló sábà máa ń fúyẹ́ jù, òun náà ló sì máa ń mọ́ kedere jù. Ọmọbìnrin yìí ti ba àwòrán rẹ̀ jẹ́, ó sì ti sọ ọ́ di ohun tó wúwo, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe tún un ṣe ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú fáìlì náà

Ojú láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ní píkísẹ́lì 1,366 ní ìbú àti 768 ní gígùn. Píkísẹ́lì ni àwọn ojúàmì wínníwínní onígun mẹ́rin tí gbogbo àwòrán orí ẹ̀rọ fi ń para pọ̀. Bí ẹ bá sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, ó lé ní mílíọ̀nù kan píkísẹ́lì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Ìyẹn ni pé sikirinṣọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún pọ̀ yóò tó nǹkan bíi 3 MB. Iṣẹ́ PNG àti JPEG ni láti fún 3 MB yìí pọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló yàtọ̀.

PNG dà bí akọ̀wé tó ń ka àpò kòkó nínú sítóò. Kò ní kọ "àpò kan, àpò kan, àpò kan" títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Yóò kọ ọ́ pé "àpò 60, irú kan náà ni gbogbo wọn", yóò sì kọjá. Bí ìlà kan lójú ẹ̀rọ bá funfun láti òpin kan dé èkejì, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni PNG máa fi sọ ọ́. Bí ìlà tó tẹ̀ lé e bá sì jọ ti òkè rẹ̀, yóò kàn sọ pé bákan náà ni wọ́n rí. Nígbà tí ẹ bá ṣí fáìlì náà, gbogbo píkísẹ́lì á padà bọ̀ sípò rẹ̀ gẹ́lẹ́, láìsí ẹyọ kan tó yí padà. Tábìlì Excel, tó jẹ́ pé funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, jẹ́ oúnjẹ tí PNG fẹ́ràn.

JPEG kì í ka nǹkan báyẹn. Ńṣe ló máa ń gé àwòrán sí wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ táìlì, píkísẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Ojú ẹ̀rọ ọmọbìnrin yẹn nìkan yóò gba táìlì tó lé ní 16,000. Nínú táìlì kọ̀ọ̀kan, JPEG máa ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi. Ó máa ń tọ́jú ìgbì ńlá, yóò sì da èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbì kéékèèké nù, nítorí pé ojú èèyàn kì í tètè mọ̀ pé kò sí wọn nínú fọ́tò. Ojú ọ̀run lórí Òkè Ìdànrè, ara èèyàn, ewé igi: inú gbogbo ìwọ̀nyí ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tó máa hàn pé ẹ pàdánù.

Etí lẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí lẹ́tà dúdú bá ti pàdé bébà funfun, ìmọ́lẹ̀ já wàì bí etí kànga ni. Ìgbì kéékèèké tí JPEG ń dà nù gan-an la fi ń ya irú etí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dà wọ́n nù, èyí tó kù kò lè mú etí náà dúró ṣánṣán mọ́, ó máa ń ṣẹ́ jáde sí ibi funfun tó wà nítòsí. Bí ẹ bá sún un mọ́ra, ẹ ó rí èérí wínníwínní tó rọ̀gbà yí lẹ́tà ká bí ìgbà tí kòkòrò rọ́ yí iná ká lálẹ́. Nọ́ńbà 8 á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ 6, 3 á jọ 8. Olùkọ́ tó ní òun ò rí nọ́ńbà kà ò ṣe ojúsàájú.

Wàhálà kejì wà nínú àwọ̀. Púpọ̀ nínú sọ́fúwíà tó ń kọ JPEG kì í tọ́jú àwọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀: nínú píkísẹ́lì mẹ́rin tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ara wọn, àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí lẹ́tà pupa orí ilẹ̀ búlúù fi máa ń ṣàn bí aṣọ tí aró rẹ̀ kò mú. Lẹ́tà dúdú lórí funfun kì í jìyà tó bẹ́ẹ̀ ní ti àwọ̀.

Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe JPEG kò mọṣẹ́ o. Ọdún 1992 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa fọ́tò ló sì gbé e kalẹ̀, fọ́tò ni wọ́n sì rò ó mọ́. PNG dé ní 1996, lẹ́yìn tí àríyànjiyàn lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó wà nídìí GIF ti sú àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà. Àwòrán bí àmì ilé-iṣẹ́, àwòrán atọ́ka àti lẹ́tà ni GIF ń gbé, ibi tí PNG sì ti múná jù nìyẹn títí dòní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ bi ara yín pé kí ni ẹni tí ẹ máa fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sí fẹ́ kà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, nọ́ńbà, bọ́tìnnì tàbí tábìlì, PNG ni. Bó bá jẹ́ fọ́tò tó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, bí eré tí ẹ dá dúró láàárín tàbí ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà, JPEG ni.

Nínú sikirinṣọ́ọ̀tì 24 tí ọmọbìnrin yẹn ní, 20 jẹ́ tábìlì Excel àti fọ́ọ̀mù. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ojú ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òkè, tó fi àwọn oko kòkó hàn. Igi ló kún inú wọn bámúbámú, kò sí píkísẹ́lì méjì tó jọra. Akọ̀wé tó ń ka àpò kò rí ohun tó jọra kà níbẹ̀, iṣẹ́ PNG á sì di aláìlérè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya àwòrán náà lákọ̀tun gẹ́gẹ́ bíi PNG

Yálà PNG lẹ máa lò tàbí JPEG níkẹyìn, PNG ni kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ jẹ́. Láti inú PNG, ẹ lè ṣe JPEG nígbàkígbà. Láti inú JPEG, ẹ ò lè rí PNG gidi ṣe mọ́. Tó bá jẹ́ ẹmu tí wọ́n ti bu omi là lẹ dà sínú agbè tuntun, ẹmu olómi náà ni. Fáìlì náà á kàn wúwo sí i ni, nítorí pé PNG kì í fojú fo ohunkóhun: á fara balẹ̀ tọ́jú gbogbo èérí wínníwínní tí JPEG dá sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti PrtScn pa pọ̀. Àwòrán náà yóò wọ inú fódà Pictures, lábẹ́ Screenshots, PNG ló sì máa jẹ́. Bó bá jẹ́ apá kan lẹ fẹ́, ẹ tẹ Windows, Shift àti S pa pọ̀, kí ẹ fi máòsì fa àpótí yí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ká. Mo fẹ́ràn èyí jù. Kí ló dé tí ẹ máa ya àkókò tó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, orúkọ fáìlì ẹlòmíràn àti ìfitónilétí tó ń jáde lọ́tùn-ún? Gbogbo ìyẹn ń fi kún ìwọ̀n fáìlì, á sì mú kí nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ kà kéré sí i lórí bébà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ kọ́kọ́ fẹ ohun náà lójú ẹ̀rọ kí ẹ tó yà á. Nínú Excel tàbí ibi tẹ́ ẹ ti ń wo wẹ́ẹ̀bù, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ yí táyà àárín máòsì síwájú. Lẹ́tà á tóbi, píkísẹ́lì tó ń ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á sì pọ̀ sí i. Fífẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yà á tán kò dà bí èyí. Ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà ò ní ọ̀rọ̀ tuntun láti sọ, á kàn máa na èyí tó wà nílẹ̀.

Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ pín sí méjì. Ti iPhone sábà máa ń jẹ́ PNG. Ti Android, ó dá lórí ẹni tó ṣe fóònù náà: àwọn kan ń tọ́jú rẹ̀ sí PNG, àwọn kan sí JPG. (JPG àti JPEG, ohun kan náà ni, ọ̀kan kàn gé kúrú ni.) Ẹ ṣí àwòrán náà nínú Gallery, kí ẹ wo Details, ẹ ó rí bí orúkọ rẹ̀ ṣe parí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Samsung, ẹ lè yí i padà nínú Settings, lábẹ́ Advanced features, níbi tí wọ́n kọ Screenshots sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà ní fọ́tò, kí ẹ wá pè é ní sikirinṣọ́ọ̀tì. Mò ń rí i lójoojúmọ́. Ìlà bí ìgbì á kún ojú rẹ̀, ìka ọwọ́ yín á sì hàn nínú dígí. Kò sí PNG tàbí JPEG tó lè gba irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ojú ara yín dán an wò

Mi ò ní kẹ́ ẹ kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ohun tí mo ṣe fún ọmọbìnrin yẹn ni pé mo ṣí ọ̀kan nínú tábìlì rẹ̀, mo yà á lákọ̀tun, mo sì ṣí i nínú Paint. Mo tẹ File, mo tẹ Save as, mo yan PNG picture. Mo tún tẹ Save as lẹ́ẹ̀kejì, mo yan JPEG picture. Fáìlì méjì jáde láti ara àwòrán kan náà. PNG jẹ́ nǹkan bíi 90 KB. JPEG jẹ́ nǹkan bíi 180 KB, ìlọ́po méjì.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ṣì wọ́n mú."

Mo ní kó wo orúkọ wọn. Ó wò ó, ó dákẹ́.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo táìlì tí etí lẹ́tà bá gba inú rẹ̀ kọjá ń ná JPEG lówó gọbọi, tábìlì tó kún fún nọ́ńbà sì jẹ́ etí lẹ́tà láti òkè délẹ̀. Ó san owó tó pọ̀, ó tún ra ọjà tí kò dáa. Lẹ́yìn náà mo sún àwòrán méjèèjì mọ́ra dé 400%. Nínú PNG, igun lẹ́tà gún régé, funfun sì funfun. Nínú JPEG, eérú eérú wà láàárín nọ́ńbà, pàápàá nínú àwọn nọ́ńbà tó kéré. Ibi funfun tó sún mọ́ lẹ́tà ni kí ẹ máa wò, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí.

A ṣe bákan náà fún ọ̀kan nínú ojú ilẹ̀ tó ní oko kòkó. PNG jẹ́ nǹkan bíi 1.9 MB, JPEG jẹ́ nǹkan bíi 350 KB, ojú wa ò sì rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì bí a ò bá sún un mọ́ra gan-an. JPEG gba owó tirẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ ò bá rí .png tàbí .jpg lẹ́yìn orúkọ fáìlì, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, kí ẹ wá File name extensions, kí ẹ máàkì í. Lórí Windows 11, inú Show ló wà lábẹ́ View. Ẹ má sì rò pé ẹ ti yí fáìlì padà nítorí pé ẹ pa .jpg rẹ́ tí ẹ kọ .png sí i. Ẹni tó kọ "ìrẹsì" sára àpò gàrí kò ní ìrẹsì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí JPEG bá di dandan

Paint kì í béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ kí JPEG mọ́ tó, á kàn ṣe tirẹ̀. Fún àwòrán mẹ́rin tó ní oko kòkó, mo lo GIMP, sọ́fúwíà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí àwòrán, ẹ tẹ File, ẹ tẹ Export As, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ kó parí sí .jpg. Yóò béèrè Quality. Ẹ gbé e sí àárín 85 sí 90. Bó bá ti kọjá 95, fáìlì á máa sanra láìsí ohun tí ojú rí. Bó bá sì wálẹ̀ kọjá 70, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí etí táìlì náà fúnra wọn, pàápàá lójú ọ̀run.

Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tó sì ní ImageMagick lórí ẹ̀rọ rẹ̀, lè ṣe é ní ìlà kan:

```
magick oko.png -quality 88 oko.jpg
```

Pọ́tàlì kan wà tí kì í gba PNG rárá, JPG nìkan ló ń gbà. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tàbí nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ gbé Quality ga, kí ẹ sì ní kó má dín àwọ̀ kù. Nínú GIMP, ẹ ṣí àwọn àṣàyàn tó wà nísàlẹ̀, ẹ wá Subsampling, ẹ yan èyí tí wọ́n kọ 4:4:4 sí. Ní ìlà kan:

```
magick tabili.png -quality 93 -sampling-factor 4:4:4 tabili.jpg
```

Á wúwo ju PNG tó ti wá lọ. Ẹ fara mọ́ ọn, pọ́tàlì ló fà á.

Ojú ẹ̀rọ tó ní méjèèjì pọ̀ ló máa ń yọni lẹ́nu jù, bí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù tó ní fọ́tò ńlá lókè àti ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ gé e. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì, ẹ ya ọ̀rọ̀ nìkan, kí ẹ fi fọ́tò sílẹ̀. Bí ẹ ò bá lè gé e, ẹ fi í sílẹ̀ ní PNG, kí ẹ gbà pé á wúwo. Fáìlì tó wúwo ṣì ṣeé kà, èyí tó ṣú kò ṣeé kà.

Ọ̀nà kẹta wà tó máa ń gba èèyàn là nígbà tí PNG bá wúwo díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ lè ní kí PNG má lò ju àwọ̀ 256 lọ. Tábìlì àti fọ́ọ̀mù kì í sábà ní ju bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ojú kì í mọ̀. Sọ́fúwíà kékeré kan, pngquant, ló ń ṣe é:

```
pngquant 256 --output kekere.png tabili.png
```

Nínú fọ́tò, ẹ má dán an wò. Ojú ọ̀run á ṣẹ́ sí ìlà ìlà bí aṣọ òkè.

Ẹ sì ṣọ́ra fún dídín àwòrán kù. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé bí àwọn bá gbé PNG láti 1,366 wá sí 1,000 ní ìbú, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Nígbà mìíràn ńṣe ló ń wúwo sí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń dín lẹ́tà kù, ó máa ń da dúdú àti funfun pọ̀ di eérú oríṣiríṣi, ibi tí akọ̀wé wa ti ń kọ "àpò 60, irú kan náà" tẹ́lẹ̀ yóò wá di àpò 60, irú 40. Lẹ́tà á tún ṣú. Gígé ló dáa, kì í ṣe dídínkù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má jẹ́ kí Word bà á jẹ́ lẹ́yìn yín

Bí Word bá ń tọ́jú iṣẹ́ yín, ó máa ń gé píkísẹ́lì àwòrán tó bá rí i pé ẹ sọ di kékeré lórí bébà, láìbéèrè. Kí ẹ tó fi àwòrán kankan sínú rẹ̀, ẹ tẹ File, Options, Advanced, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Image Size and Quality sí, kí ẹ sì máàkì Do not compress images in file. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Insert, Pictures mú fáìlì kọ̀ọ̀kan wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú Word gan-an, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ yí .docx tó wà lẹ́yìn orúkọ ẹ̀dà yẹn sí .zip, kí ẹ sì ṣí i. Fódà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ word, òmíràn wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ media. Gbogbo àwòrán yín á tò síbẹ̀, pẹ̀lú irú tí wọ́n jẹ́ àti ìwọ̀n wọn. Ibẹ̀ ni mo ti fi han ọmọbìnrin yẹn pé tábìlì 20 tó sọ di JPEG ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú fáìlì rẹ̀, kì í ṣe oko kòkó.

Ìṣirò wa rèé. Bí gbogbo 24 bá jẹ́ PNG: tábìlì 20 ní 90 KB jẹ́ 1.8 MB, oko mẹ́rin ní 1.9 MB jẹ́ 7.6 MB, àpapọ̀ 9.4 MB. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ JPEG, bó ṣe gbé e wá: 3.6 MB fún tábìlì, 1.4 MB fún oko, àpapọ̀ 5 MB, nọ́ńbà ò sì ṣeé kà. Bí a bá pín wọn, tábìlì ní PNG, oko ní JPEG: 1.8 àti 1.4, àpapọ̀ 3.2 MB. Pọ́tàlì á gbà á, àyè á tún ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀ inú ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìlàágùn ti ń di asán nìyí. Bí ẹ bá fi sikirinṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí àwòrán, WhatsApp á sọ ọ́ di JPEG, á sì fún un pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á, PNG yín ì báà dán bíi dígí. Bí ẹ bá tẹ HD, á dáa díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fún un pọ̀. Kí ẹni tó gbà á tún wá ya ojú fóònù tirẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí ìyẹn náà ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà tó bá máa dé ọwọ́ ẹnì kẹrin, á dà bí ìwé tí òjò pa.

Ẹ tẹ àmì tí ẹ fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ yan Document, kì í ṣe Gallery, kí ẹ wá fáìlì náà níbẹ̀. Báyìí ló ṣe máa dé bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rí tí ẹ máa fi mọ̀ ni pé ẹni tó gbà á máa rí orúkọ fáìlì àti ìwọ̀n rẹ̀, tó sì parí sí PNG, dípò kó rí àwòrán tó ṣí sílẹ̀ gbàgàdà.

Nǹkan bíi wákàtí kan la fi tún tábìlì mọ́kàndínlógún yà láti inú Excel rẹ̀. Ogún ló yẹ kó jẹ́. Ẹyọ kan tó kù, orí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ra kòkó nílùú Oǹdó ni wọ́n ti yà á, WhatsApp ló sì ti gbà á. Ó ní ṣé mi ò lè fi GIMP tún un ṣe. Mo fi hàn án ní 400%: ibi tó yẹ kó jẹ́ iye kílò ti di eérú, èmi àti òun ò sì fẹnu kò bóyá 63 ni àbí 68. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un yà. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document. Rárá, ẹ má tẹ ti àwòrán, ti Document ni."

Ìgbà mẹ́ta ló ṣàlàyé ẹ̀. Fáìlì náà dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, PNG, 87 KB. 68 ni.